Lẹ́tà Alárà Lójú Fóònù

Bí ẹnì kan bá kọ EJE sójú pósítà láìfi àmì kankan sí i, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń du ibẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́: ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú ara, ẹ̀jẹ́ tí ènìyàn ń jẹ́ níwájú Ọlọ́run tàbí òrìṣà, àti èje tó tẹ̀lé ẹ̀fà. Irú pósítà bẹ́ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta fíìmù ládùúgbò wa. Pupa ni wọ́n fi kọ lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìsàlẹ̀ wọn sì ń kán tó-tó-tó bí ìgbà tí ọ̀bẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára ẹran. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa dúró rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé fóònù sí i kó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Fóònù ní ẹ̀jẹ́ ni, irú èyí tí ọkọ àti ìyàwó máa ń jẹ́ níwájú pẹpẹ.

Lójú tèmi, ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹ ní gbígbé yẹ̀wò. Ẹni tó ya pósítà náà kò fi àmì ohùn sí i, ṣùgbọ́n ó fi nǹkan mìíràn dípò rẹ̀. Ọ̀dà tó ń kán sílẹ̀ yẹn ni àmì ohùn ọ̀rọ̀ náà. Fóònù rí i, ó kà á sí ìdọ̀tí, ó nù ún dànù, ó wá mú nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta èyí tó wù ú.

Kí n tó dá a lẹ́bi jù, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni áàpù kan tí wọ́n ń pè ní Word Lens jáde. Èèyàn á na kámẹ́rà fóònù sí pátákó tí wọ́n fi èdè Sípéènì kọ, yóò sì rí i tí ọ̀rọ̀ náà di Gẹ̀ẹ́sì lójú ẹsẹ̀, lórí pátákó náà gan-an. Ní 2014, ilé iṣẹ́ Google ra ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nígbà tó sì di oṣù Kìíní ọdún 2015, wọ́n ti fi í sínú Google Translate. Yorùbá ti wà nínú Google Translate láti ìparí ọdún 2013 fún ọ̀rọ̀ tí a bá fọwọ́ tẹ̀, àmọ́ ọdún 2019 ni wọ́n tó fi èdè wa kún àwọn èdè tí kámẹ́rà rẹ̀ lè túmọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ṣàlàyé ìgbésẹ̀ rẹ̀ ní 2015. Lákọ̀ọ́kọ́, fóònù á wá ibi tí lẹ́tà wà nínú àwòrán. Ohun tó ń wá ni àbàwọ́n tí àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba, tó sì sún mọ́ àwọn àbàwọ́n mìíràn tó jọ ọ́, tí wọ́n tò sórí ìlà kan. Lẹ́yìn náà, á dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ̀. Kó lè mọ èyí, wọ́n ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán lẹ́tà kọ́ ọ, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ da ìdọ̀tí, òjìji àti ìbàjẹ́ oríṣiríṣi sí wọn lára, kí ojú rẹ̀ má bàa rú bó bá dé ìta. Ìgbésẹ̀ kẹta ni pé á wo ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé atúmọ̀ rẹ̀, á sì gba àṣìṣe díẹ̀ láyè: bí ó bá ka S sí 5, yóò ṣì rí ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn. Níkẹyìn, á wo àwọ̀ tó yí lẹ́tà ká, á fi àwọ̀ náà pa lẹ́tà àtijọ́ rẹ́, á sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sórí ibẹ̀ ní lẹ́tà tó mọ́ tónítóní.

Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún ìgbésẹ̀ kejì àti ìkẹta wò pẹ̀lú ojú ọmọ Yorùbá. Bí ẹ bá kọ́ ojú kan pé kó máa fo àbàwọ́n kéékèèké, kí ni yóò ṣe bó bá pàdé àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ? Nínú Gẹ̀ẹ́sì, bí àmì orí i bá sọnù, i ni yóò ṣì jẹ́. Nínú Yorùbá, bí àmì abẹ́ ọ bá sọnù, lẹ́tà mìíràn ló dé yẹn.

Bọ́ọ̀sì akérò kan máa ń kọjá níwájú ilé ìwé wa tí wọ́n kọ OWO OLORUN NI OWO MI WA sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ mọṣẹ́. Ìlàjì lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lókè jẹ́ òféfèé, ìlàjì ìsàlẹ̀ jẹ́ funfun, ó fi dúdú yí wọn ká, ó sì fún wọn ní òjìji sí apá ọ̀tún bí ẹni pé wọ́n yọ síta lára ọkọ̀. Ó tún fa ìlà kan tó ṣe kọrọ-kọrọ bí ìrù ejò sábẹ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tí onímọ́tò ń sọ ni pé: Ọwọ́ Ọlọ́run ni òwò mi wà. Ọwọ́ ni ti àkọ́kọ́, òwò ni ti èkejì. Fóònù kà á pé owó Ọlọ́run ni owó mi. Bí àlejò tó gba èyí gbọ́ bá wọ bọ́ọ̀sì náà, á máa rò pé olè ló ń wakọ̀.

Báwo ni àmì abẹ́ ọ ṣe pòórá? Ní ti bọ́ọ̀sì yìí, ó wà níbẹ̀. Mo sún mọ́ ọn ní ibùdókọ̀, mo sì rí i: ẹni tó kọ ọ́ so àmì náà mọ́ ìrù ejò yẹn, tó fi jẹ́ pé bí ìlà náà bá dé abẹ́ lẹ́tà tó yẹ, á wú díẹ̀ bí ọrùn ẹyẹ tó gbé oúnjẹ mì. Ojú èèyàn tó ti mọ ohun tó ń wá yóò rí wíwú náà. Fóònù rí ìlà kan ṣoṣo, ó sì pa á tì.

Kódà bí àmì náà bá dá dúró gedegbe, ìṣòro ìwọ̀n ṣì wà. Inú àwòrán fóònù kún fún àmì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní píísẹ́lì. Ká ní lẹ́tà kan ga ní 40 píísẹ́lì nínú àwòrán, àmì abẹ́ rẹ̀ lè má ju 4 lọ. Bí a bá fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wa, tí fóònù sì dín in kù sí ìdajì kó má bàa jẹ dátà, ó di 2. Lẹ́yìn èyí ni bí wọ́n ṣe ń fún àwòrán pọ̀ yóò wá pín in sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, píísẹ́lì 8 ní ìbú àti 8 ní òòró, tí yóò sì fojú fo àwọn ohun wẹ́wẹ́ tó wà nínú igun kọ̀ọ̀kan. Àmì tó jẹ́ 2 nínú igun tó jẹ́ 8 á kàn di òjìji tó rẹ̀ dòdò. Ìdí nìyí tí àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ síni fi máa ń ní ìtumọ̀ tó burú ju èyí tí a fọwọ́ ara wa yà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pátákó kan náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àmì ti sọnù, kó fi ìka fa àwòrán tóbi títí lẹ́tà kan á fi kún ojú fóònù. Bí kò bá rí àmì náà mọ́ fúnra rẹ̀, kó má retí pé fóònù á rí i.

Ọ̀rọ̀ àmì ìdánimọ̀ àwọn ṣọ́ọ̀bù tún yàtọ̀. Níbẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n ṣe lẹ́tà lọ́ṣọ̀ọ́ nìkan, wọ́n tún máa ń fi àwòrán rọ́pò lẹ́tà. Télọ̀ kan wà lọ́nà ọjà wa tó kọ ARÁNṢỌ sórí pátákó rẹ̀. Ṣ inú rẹ̀ jẹ́ abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ kọrọdọ, òwú tó jáde láti ihò rẹ̀ sì ta kókó kékeré kan sísàlẹ̀, èyí tó dúró fún àmì abẹ́ lẹ́tà. Ọ tó parí rẹ̀ jẹ́ bọ́tìnnì oníhò mẹ́rin. Mo fẹ́ràn pátákó yìí gan-an, mo sì rò pé ó wà lára àwọn tó dára jù nílùú wa. Fóònù gbà pé abẹ́rẹ́ kì í ṣe lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ ni bọ́tìnnì kì í ṣe lẹ́tà, àwọ̀ wọn kò sì bá ti àwọn yòókù dọ́gba. Ohun tó kù fún un ni ARAN. Ó wá kéde pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta aran, kòkòrò inú tí wọ́n máa ń fún ọmọdé lóògùn sí. Ẹ̀rín pa wá títí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kò sí ohunkóhun lójú fóònù tó fi hàn pé lẹ́tà méjì ṣẹ́ kù tí kò lè kà. Ó kọ aran gàdàgbà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń kọ ohun tó dá a lójú.

Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ tó wà lórí ẹ̀yìn tó kún fún àwòrán, àwọn ènìyàn máa ń rò pé púpọ̀ àwòrán náà ló ń fa wàhálà. Kì í ṣe ìgbà gbogbo. Àwọ̀ ló máa ń fà á nígbà mìíràn. A ní aṣọ ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún bàbá àgbà wa nílé, tí wọ́n tẹ orúkọ àti àdúrà sí ní pupa lórí ewé tútù. Lójú wa, pupa yẹn ń pariwo. Ẹnì kan nínú kíláàsì wa ní kí a sọ àwòrán náà di dúdú àti funfun kó lè mọ́ kedere, ìmọ̀ràn tó sì máa ń wúlò fún lẹ́tà dúdú lórí pátákó tó ti ṣá nìyẹn. Nígbà tí a ṣe é, gbogbo àdúrà náà parẹ́. Pupa aṣọ náà àti àwọ̀ ewé rẹ̀ yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara méjèèjì wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí náà eérú kan náà ni wọ́n dà nínú àwòrán dúdú-òun-funfun.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ni náílọ́ọ̀nù pupa tó mọ́ gaara, irú èyí tí wọ́n fi ń wé súùtì. A nà án bo ojú kámẹ́rà kó má ṣe hun jọ, a sì ya aṣọ náà nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Náílọ́ọ̀nù náà jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pupa kọjá, ó sì dí ti ewé lọ́nà. Lẹ́tà pupa wá mọ́lẹ̀ bíi funfun, ewé sì ṣókùnkùn. Nígbà yìí ni a wá sọ ọ́ di dúdú àti funfun, fóònù sì ka ìlà mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìkẹrin bọ́ sí ibi tí aṣọ ti ká, kò sí náílọ́ọ̀nù tó lè gba ìyẹn là. Bó bá jẹ́ pé ewé ni lẹ́tà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ pupa, náílọ́ọ̀nù kan náà á ṣiṣẹ́, àmọ́ lẹ́tà ni yóò ṣókùnkùn. Lórí aṣọ aláwọ̀ mẹ́wàá, kò wúlò.

Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ bọ̀, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ìgò àgbo tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó dàgbà sí Lọ́ńdọ̀nù wá kí wa nígbà ìsinmi. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, kò lè kà á, oyún oṣù mẹ́rin sì wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan fún un ní àgbo inú ìgò. Wọ́n lẹ bébà yí ìgò náà ká, ewé àti gbòǹgbò kún ojú bébà náà, wọ́n sì fi lẹ́tà òféfèé tó rí bí ẹ̀ka igi kọ ọ̀rọ̀ sórí wọn. Ìlà kan níbẹ̀ kà pé: ABOYUN MA LO O. Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù sí i. Fóònù sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí aboyún máa lò ó.

Ẹ jẹ́ ká tú ìlà yìí wò díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà kà á. Bó bá jẹ́ má lò ó, ìkìlọ̀ ni, pé kó má fẹnu kàn án. Bó bá jẹ́ máa lò ó, àṣẹ ni, pé kó máa mu ún déédéé. Bó bá sì jẹ́ pé àmì abẹ́ lẹ́tà ló sọnù, ó lè jẹ́ máa lọ o, bí ẹni ń dágbére fún un. Láti 1974 tí wọ́n ti gba àkọtọ́ tí a ń kọ́ nílé ìwé lónìí wọlé ni máa ti ń gba a méjì. Kó tó dìgbà náà, a kan ni wọ́n máa ń kọ, wọ́n á sì fi àmì kan lé e lórí. Àwọn tó ń ṣe bébà ìgò kò kọbi ara sí ìyípadà yìí. Wọ́n ṣì ń kọ MA fún méjèèjì, láìlámì. Nítorí náà, kódà bí fóònù bá rí gbogbo lẹ́tà láìku ẹyọ kan, kò lè mọ̀ láti inú ìlà yẹn nìkan. Èmi náà kò lè mọ̀.

Ibi tí mo ti rí ìdáhùn ni ẹ̀gbẹ́ kejì ìgò náà. Wọ́n kọ AGBA IFE KAN LAARO LALE síbẹ̀, èyí ni pé kí àgbà mu ife kan láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìgò yíká, nítorí náà àwòrán kan ṣoṣo kò lè gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Fóònù kò rí èkejì rárá. Èmi yí ìgò náà, mo sì rò ó báyìí: ẹni tí wọ́n fẹ́ kó mu ún, wọ́n sọ iye tí yóò mu fún un. Wọn kò sọ iye kankan fún aboyún. Ó jọ pé wọ́n ń lé e sẹ́yìn ni. Síbẹ̀, ìrònú lásán nìyẹn, oyún kì í sì í ṣe ohun tí a fi ń dán ìrònú wò. Mo mú ìgò náà lọ bá ìyá alágbo tó tà á.

"Ẹ kú ọjà o, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí aboyún máa lò ó ni wọ́n kọ síbí, àbí kó má lò ó?"

"Há! Kó má lò ó o, ọmọ mi. Ta ló fún aboyún?"

Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹnu kan àgbo náà. Ìyá àgbà wa gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e pamọ́ sórí àga gíga.

Nínú ìtumọ̀ tó wà lójú fóònù lọ́jọ́ náà, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ ló bo ewé, gbòǹgbò àti lẹ́tà òféfèé. Ẹni tó bá wò ó yóò rò pé bí ilé iṣẹ́ ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Èyí ni mo rí bí àbùkù tó tóbi jù nínú irú áàpù bẹ́ẹ̀, ó ju àìríran rẹ̀ lọ. Ó ń fi ohun tó mọ̀ àti ohun tó ń fojú dá sínú aṣọ kan náà. Tíṣà tó bá ń ka ìwé tí kòkòrò ti jẹ á dúró níbi tó jẹ ihò, á sọ pé ọ̀rọ̀ kan sọnù níbí. Fóònù kò dúró. Mo fẹ́ kó fi ibi tí kò dá a lójú sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, pẹ̀lú ewé àti òjìji rẹ̀, kí òǹkàwé lè rí i pé nǹkan wà níbẹ̀ tí wọn kò tíì túmọ̀.

Títí dìgbà náà, ohun tí mo ń ṣe kò le. N kì í gba ìtumọ̀ tí kámẹ́rà bá mú wá láìkọ́kọ́ wo lẹ́tà Yorùbá tí fóònù ní òun rí, nítorí ọ̀pọ̀ áàpù ló máa ń fi í hàn bí a bá fọwọ́ kàn án. Bí OWO bá jáde lẹ́ẹ̀mejì nínú gbólóhùn kan, mo ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì. Nígbà náà, mo máa ń fọwọ́ ara mi tẹ ìlà náà pẹ̀lú àmì abẹ́ lẹ́tà àti àmì ohùn, mo sì máa ń jẹ́ kí fóònù túmọ̀ èyí tí mo tẹ̀. Nígbà tí mo tẹ Ọwọ́ Ọlọ́run ni òwò mi wà báyìí, ó mú ọwọ́ jáde, ó sì mú òwò jáde.

Ní ti àwọn tó ń ya lẹ́tà, n kò ní bẹ ẹnikẹ́ni kó yọ ìrù ejò kúrò lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, tàbí kó sọ abẹ́rẹ́ télọ̀ di Ṣ lásán. Àwọn tí wọ́n kọ ọ́ fún lè kà á. Ìgò oògùn ni mo yà sọ́tọ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá kan tó ń kọ pátákó lẹ́bàá ilé wa ìdí tí kì í fi í fi àmì sí ọ̀rọ̀. Ó ní iye lẹ́tà ni àwọn oníbàárà máa ń sanwó fún, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó àmì. Mo bi í pé èló ni yóò gbà bí mo bá ní kó kọ MÁA pẹ̀lú a méjì lórí ìgò àgbo. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní owó lẹ́tà kan ni, ṣùgbọ́n MÁ ni òun yóò kọ lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú àmì rẹ̀.